Bí Akáǹtì Alájọṣe Kan Bá Wọ Gbèsè Nígbà Ìtúká: Ta Ló Ń Ru Àdánù Rẹ̀, Báwo La Sì Ṣe Ń Ṣírò Rẹ̀?

Ẹ kú ìjókòó o. Kókó tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lónìí kò fẹ̀, ṣùgbọ́n ó jìn. Àwọn mẹ́ta jọ dá òwò sílẹ̀, wọ́n wá fẹ́ tú u ká. Wọ́n ta dúkìá, owó tó wọlé kò tó iye tó wà nínú ìwé, wọ́n sì pín àdánù náà. Nígbà tí wọ́n pín in tán, akáǹtì ọ̀kan nínú wọn ti wọ gbèsè. Ó yẹ kó mú owó wá fi dí i, kò sì ní in. Ta ló máa ru gbèsè náà? Mélòó ló máa kan oníkálukú? Èyí tó sì ń dá ìjà sílẹ̀ jù lọ: ìgbà wo ni ẹnikẹ́ni lè gba owó tirẹ̀ lọ sílé?

Àjọṣe tí mo ń sọ nípa rẹ̀ ni èyí tí gbogbo alájọṣe ti jọ ń fi gbogbo ohun ìní wọn dúró fún gbèsè òwò. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ ẹni tí òfin ti fi ààlà sí gbèsè rẹ̀, ìṣirò rẹ̀ yàtọ̀, a ò ní dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí akáǹtì owó ìpìlẹ̀ jẹ́, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Kì í ṣe owó tó wà ní báǹkì, kì í sì í ṣe owó tó wà nínú àpótí. Àkọsílẹ̀ lásán ni, òun ló ń sọ iye tí òwò jẹ alájọṣe kọ̀ọ̀kan. Owó tí alájọṣe bá mú wá ń fi kún un, ìpín rẹ̀ nínú èrè náà ń fi kún un. Owó tó ń yọ lò àti ìpín rẹ̀ nínú àdánù ń dín in kù. Bí ohun tó ń dín in kù bá ti pọ̀ ju ohun tó ń fi kún un, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn: òwò kò jẹ ẹ́ mọ́, òun ló jẹ òwò. Nígbà tí òwò ṣì ń lọ, ìyẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù, torí èrè ọdún tó ń bọ̀ lè dí i. Nígbà ìtúká, kò sí èrè kankan tó ń bọ̀ mọ́.

Owó tí èèyàn ń yọ ní àyọjù lè gbé akáǹtì rẹ̀ dé ibẹ̀, gbogbo wa la mọ ìyẹn. Ohun tí a kì í tètè rí ni ti ẹni tó mú owó díẹ̀ wá, àmọ́ tí ìpín rẹ̀ nínú èrè pọ̀ torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tàbí ìmọ̀ rẹ̀. Ìpín tó pọ̀ nínú èrè ni ìpín tó pọ̀ nínú àdánù, àyàfi tí ìwé àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Lọ́jọ́ tí dúkìá bá tà ní iye tó kéré sí ti inú ìwé, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni akáǹtì rẹ̀ ń kọ́kọ́ gbẹ, bí kò tilẹ̀ yọ owó kankan rí.

Ẹ jẹ́ ká mú irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní B, D àti K. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹnu kò pé ó tán, akáǹtì B jẹ́ 90,000, ti D náà jẹ́ 90,000, ti K jẹ́ 10,000. Owó ọwọ́ jẹ́ 10,000. Àwọn dúkìá yòókù, ọjà inú yàrá, ẹ̀rọ, owó tí oníbàárà jẹ, wà nínú ìwé ní 270,000. Òwò jẹ àwọn ará ìta ní 90,000. Bí ẹ bá rò ó pọ̀, dúkìá jẹ́ 280,000, gbèsè ìta pẹ̀lú akáǹtì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà jẹ́ 280,000. Nínú àdánù, B ń ru 4 nínú 10, D ń ru 2, K ń ru 4. Ẹ kíyè sí K: 10,000 péré ló wà lórúkọ rẹ̀, ìpín rẹ̀ nínú àdánù sì ṣe déédéé pẹ̀lú ti B tó ní 90,000.

Wọ́n ta dúkìá tí ìwé pè ní 270,000, ó mú 170,000 wọlé. Àdánù 100,000. Àdánù yìí gbọ́dọ̀ kọjá sínú akáǹtì àwọn alájọṣe kí a tó fún ẹnikẹ́ni nínú wọn lówó, bí wọ́n sì ṣe ń pín èrè àti àdánù ni wọ́n ń pín in, kì í ṣe bí owó ìpìlẹ̀ wọn ṣe tó. B ru 40,000, ó kù 50,000. D ru 20,000, ó kù 70,000. K ru 40,000. Nígbà tó jẹ́ 10,000 ló ní, akáǹtì rẹ̀ wọ gbèsè 30,000.

Àpapọ̀ owó ọwọ́ wá di 180,000. A san 90,000 fún àwọn ará ìta, ó ku 90,000. Àwọn ará ìta ló ń kọ́kọ́ gba tiwọn. Bí owó náà kò bá tó wọn, wọ́n lè mú èyíkéyìí nínú àwọn alájọṣe tó bá lówó lọ́wọ́ pé kó san gbogbo rẹ̀, ìyẹn ni yóò wá máa lé àwọn yòókù kiri. Èyí ló fi jẹ́ pé alájọṣe tó lówó kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí á fún ẹnikẹ́ni nínú wọn ní nǹkan kan kí ará ìta tó gba tirẹ̀ tán.

Kí a tó tẹ̀síwájú, ìdánwò kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣe ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹ ro akáǹtì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí ẹ yọ èyí tó jẹ́ gbèsè kúrò. 50,000 pẹ̀lú 70,000 jẹ́ 120,000; yọ 30,000 ti K, ó ku 90,000. Owó ọwọ́ náà ni 90,000. Lẹ́yìn tí a bá ti ta dúkìá tán, tí a sì ti san gbèsè ìta tán, iye méjèèjì yìí gbọ́dọ̀ dọ́gba nígbà gbogbo. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ má wá ojútùú síbòmíràn: àdánù kan wà tí a kò tíì pín, tàbí gbèsè ìta kan tí a san tí a kò kọ, tàbí owó ìnáwó ìtúká, bí owó alágbàtà àti owó agbẹjọ́rò, tí a gbàgbé láti fi sínú àdánù.

Ẹ wò ó: B ń retí 50,000, D ń retí 70,000, àpapọ̀ 120,000, owó tó wà nílẹ̀ sì jẹ́ 90,000. Ibi tí 30,000 yòókù wà ni ọwọ́ K. Nítorí náà ìgbésẹ̀ tó kàn ni pé ká béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jẹ gbèsè náà lábẹ́ òfin, kì í ṣe oore ni yóò ṣe. Bí ó bá mú 30,000 wá, owó ọwọ́ di 120,000, B àti D gba tiwọn pé, gbogbo rẹ̀ tán síbẹ̀.

Kí a tó béèrè, ẹ wo inú ìwé bóyá K ti yá òwò lówó rí. Owó àyálò tí alájọṣe fún òwò yàtọ̀ sí owó ìpìlẹ̀ rẹ̀, ó sì ń ṣíwájú owó ìpìlẹ̀ nínú ìtòlẹ́sẹẹsẹ sísan. Àwọn kan máa ń tẹ̀ lé ìtòlẹ́sẹẹsẹ yẹn láìronú. Ká ní òwò jẹ K ní 8,000 tó yá a: wọn á ka 8,000 lé K lọ́wọ́, wọn á tún máa bẹ̀ ẹ́ pé kó mú 30,000 wá. Owó tó ti jáde kò ní padà wá. Ohun tó tọ́ ni pé kí a fi 8,000 náà dí lára gbèsè rẹ̀, kí gbèsè di 22,000, kí owó má sì jáde rárá. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, K kò yá òwò ní nǹkan kan, nítorí náà 30,000 rẹ̀ dúró bẹ́ẹ̀.

Wàyí o, K kò ní. Òun fúnra rẹ̀ ti wọ gbèsè lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn, ohun tó ní kò sì tó wọn. Gbèsè K ti di àdánù àwọn tó kù. Báwo ni B àti D yóò ṣe pín 30,000 yìí?

Ìlànà tó wọ́pọ̀ jù lọ ni pé bí wọ́n ṣe ń pín àdánù láàárín ara wọn ni wọn yóò ṣe pín in. B jẹ́ 4, D jẹ́ 2. K ti kúrò nínú ìṣirò, nítorí náà ìpìlẹ̀ ìpín kì í ṣe 10 mọ́, 6 ni. B ru 4 nínú 6, ìyẹn 20,000. D ru 2 nínú 6, ìyẹn 10,000. Akáǹtì B di 30,000, ti D di 60,000, ti K di òdo. Àpapọ̀ jẹ́ 90,000, owó ọwọ́ jẹ́ 90,000. Ẹ lè san án.

Àṣìṣe tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbí kò ju méjì lọ, àmọ́ méjèèjì burú. Èkíní ni kí èèyàn ṣì máa fi 10 pín in: B ru 12,000, D ru 6,000, 12,000 yòókù wá dúró sórí K tí kò ní in. Ìdánwò tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yóò tú èyí fó, torí akáǹtì B àti D yóò jẹ́ 38,000 àti 64,000, àpapọ̀ 102,000, owó sì jẹ́ 90,000. Èkejì ló ń mú èèyàn ṣubú jù, torí ìdánwò yẹn kò lè mú un. Wọ́n wo 90,000 tó wà nílẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ jẹ́ ká pín in bí a ṣe ń pín èrè.” B gba 60,000, D gba 30,000. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdáhùn tó tọ́: òdìkejì rẹ̀ gan-an ni. Wọ́n ti gba 30,000 lọ́wọ́ D fún B. Àdánù là ń fi ìlànà èrè pín. Owó tó kù kì í ṣe èrè. Ohun tó bá kù nínú akáǹtì oníkálukú lẹ́yìn tí àdánù ti tán ni a fi ń san án.

Ẹ̀wẹ̀, a kò tíì dé ibi tó nira. Nínú àpẹẹrẹ yìí, àwọn tó kù lágbára láti ru ẹrù náà. Ẹ jẹ́ ká ní ọjà náà tà burúkú ju bẹ́ẹ̀ lọ: dúkìá 270,000 náà mú 95,000 wọlé. Àdánù di 175,000. B ru 70,000, ó ku 20,000. D ru 35,000, ó ku 55,000. K ru 70,000, ó wọ gbèsè 60,000. Lẹ́yìn tí a san àwọn ará ìta, owó ọwọ́ jẹ́ 15,000.

K kò lè san nǹkan kan. B ru 40,000 nínú gbèsè rẹ̀, D ru 20,000. Àmọ́ 20,000 péré ni B ní nílẹ̀! Akáǹtì òun náà wọ gbèsè 20,000. D ku 35,000, owó tó wà nílẹ̀ sì jẹ́ 15,000. Gbèsè K ti fa B ṣubú.

Níbí, ìbéèrè tí a bi K ni a ó tún bi B: ṣé o lè san? Bí B bá lówó nílé, ó gbọ́dọ̀ mú 20,000 wá, D yóò sì gba 35,000 rẹ̀. B lè ní, “Èmi kò jẹ òwò ní nǹkan kan, K ló jẹ ẹ́.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí K kò ti lè san, ìpín B nínú gbèsè náà ti di ti B. Bí B náà kò bá ní, D nìkan ló kù, òun ni yóò ru 20,000 yẹn, yóò sì gba 15,000 lọ. D tó ní 90,000 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tí ìpín rẹ̀ nínú àdánù sì kéré jù lọ nínú àwọn mẹ́ta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i ni pé àwọn méjì tó yẹ kó ru 8 nínú 10 ti gbẹ kí wọ́n tó ru ú tán.

Ẹ má pa ìpele méjèèjì yìí pọ̀ di ẹyọ kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa yọ ẹni tó bá gbẹ, kí ẹ ṣírò ìpín àwọn tó kù lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì tún wò ó bóyá ẹlòmíràn ti gbẹ, títí tí kò fi ní sí akáǹtì tó wọ gbèsè mọ́.

Gbogbo ohun tí mo ń sọ láti àárọ̀ yìí dà bí ẹni pé dúkìá ń tà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Ọjà á tà lónìí, ẹ̀rọ á tà lóṣù mẹ́ta sí i, oníbàárà kan á san gbèsè rẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Láàárín àkókò yìí, àwọn alájọṣe ń fẹ́ owó. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń bójú tó ìtúká ti lè kó ara rẹ̀ sí wàhálà, torí bó bá fún ẹnikẹ́ni ju bó ṣe yẹ lọ, tí kò sì rí i gbà padà, wọ́n lè ní kó san án láti inú àpò ara rẹ̀.

Ìlànà tí a fi ń dáàbò bo ara ẹni rọrùn láti sọ. Nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ san nǹkan, ẹ ṣe bí ẹni pé gbogbo dúkìá tí ẹ kò tíì tà kò níye lórí rárá, àti pé gbogbo akáǹtì tó bá wọ gbèsè, ẹni tó ni ín kò ní san. Ẹ fi ìnáwó tó ṣeé ṣe kó tún yọjú kún un. Ẹ pín àdánù àròsọ yìí lórí ìwé àjákọ, kì í ṣe nínú ìwé gidi. Ohun tó bá kù lórúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ẹ lè fún un, torí kò sí ohun burúkú tó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò mú kí ẹ tún béèrè rẹ̀ padà.

Ẹ padà sí àpẹẹrẹ àkọ́kọ́, níbi tí gbogbo dúkìá ti mú 170,000 wá. Ká ní apá kan, tí ìwé pè ní 150,000, ló kọ́kọ́ tà, ó mú 110,000 wọlé. Àdánù 40,000: B di 74,000, D di 82,000, K wọ gbèsè 6,000. Owó ọwọ́ jẹ́ 120,000, a san 90,000 síta, ó ku 30,000. Dúkìá tó kù nínú ìwé jẹ́ 120,000. Ìnáwó mìíràn kò sí, ká lè rí ọ̀nà.

Bí a kò bá ronú, kí la máa ṣe? A máa pín 30,000 yìí ní 4, 2, 4, K máa gba 12,000. Ẹni tí akáǹtì rẹ̀ ti wọ gbèsè 6,000 tẹ́lẹ̀ ni a fún ní 12,000 yẹn!

Ẹ jẹ́ ká fi ìlànà wa dán an wò. Dúkìá 120,000 náà di òdo. B ru 48,000, ó ku 26,000. D ru 24,000, ó ku 58,000. K ru 48,000, gbèsè rẹ̀ di 54,000. K kò san: B ru 36,000 nínú rẹ̀, D ru 18,000. B wọ gbèsè 10,000, D ku 40,000. B náà kò san: D ru 10,000, ó ku 30,000. Nítorí náà, gbogbo 30,000 tó wà nílẹ̀, D ni kó gbà á. B kò gba nǹkan kan lónìí, K kò gba nǹkan kan.

B máa bínú. Akáǹtì rẹ̀ ṣì jẹ́ 74,000 lójú ìwé, wọ́n sì fún D nìkan lówó. Ẹ fi ìwé àjákọ yẹn hàn án. Nígbà tí apá kejì bá tà ní 60,000, ẹ óò rí i pé kò pàdánù ohun tó tọ́ sí i. Àdánù tuntun jẹ́ 60,000: B di 50,000, D tó ti gba 30,000 di 40,000, K wọ gbèsè 30,000. B ru 20,000 nínú ti K, D ru 10,000. B ku 30,000, D ku 30,000, owó ọwọ́ sì jẹ́ 60,000. B gba 30,000. D gba 30,000 mọ́ 30,000 ti ìṣáájú. 30,000 àti 60,000 ni, bákan náà pẹ̀lú ìgbà tí a ta gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ètò sísan kò yí iye tí ẹnikẹ́ni ń gbà padà, ó kàn ń rí i pé owó kò jáde lọ síbi tí kò ti ní padà wá ni.

Bí dúkìá bá máa tà ní ìgbà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, iṣẹ́ ni kéèyàn máa ṣe ìwé àjákọ yìí lóòrèkóòrè. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ṣáájú kí títà tó bẹ̀rẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ràn jù, torí àwọn alájọṣe lè buwọ́ lù ú nígbà tí orí ṣì tutù.

Ẹ béèrè pé àdánù mélòó ló máa gbẹ akáǹtì oníkálukú. K ní 10,000, ó ń ru 4 nínú 10: àdánù 25,000 ti tó láti gbẹ ẹ́. B ní 90,000, ó ń ru 4 nínú 10: 225,000. D ní 90,000, ó ń ru 2 nínú 10: 450,000. Nítorí náà K ló máa kọ́kọ́ gbẹ. Lẹ́yìn àdánù 25,000, B ku 80,000, D ku 85,000. Láti ibẹ̀, B àti D nìkan ló ń ru, ní 4 sí 2. Kí B tó gbẹ, àdánù mìíràn tó jẹ́ 120,000 gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀, nínú èyí tí B yóò ru 80,000, D yóò sì ru 40,000. D yóò ku 45,000.

Ẹ wá ka ìṣirò náà láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ẹ ti rí ètò sísan. 90,000 àkọ́kọ́ tó bá wọlé, pẹ̀lú èyí tó wà lọ́wọ́, jẹ́ ti àwọn ará ìta. 45,000 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti D nìkan. 120,000 tó tẹ̀ lé ìyẹn jẹ́ ti B àti D, B ń gba méjì, D ń gba ọ̀kan nínú mẹ́ta. Ohun tó bá kọjá ìyẹn ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pín ní 4, 2, 4. Ẹ fi 90,000 ti àpẹẹrẹ wa dán an wò: D gba 45,000, ó ku 45,000 tí B gba 30,000 níbẹ̀, D gba 15,000. D jẹ́ 60,000, B jẹ́ 30,000. Ti àpẹẹrẹ burúkú tí 15,000 kù níbẹ̀ ńkọ́? D nìkan. Ètò yìí ń dúró bẹ́ẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí ẹni tó wọ gbèsè kò bá mú owó wá. Bí ó bá mú un wá, ẹ ó tún un ṣe.

Ó tó àkókò láti sọ pé kì í ṣe gbogbo ibi ni wọ́n ti ń pín gbèsè ẹni tó gbẹ lọ́nà tí mo sọ yìí. Òfin àjọṣe Amẹ́ríkà ti ọdún 1914 tẹ̀ lé e: àwọn tó kù ni kó fi kún un bí wọ́n ṣe ń pín èrè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin àjọṣe ọdún 1890 sọ bí a ṣe ń ru àdánù òwò, kò sì sọ ní pàtó ta ni yóò ru gbèsè alájọṣe tí kò lè san. Ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Garner v Murray, tó wà nínú ìwé ẹjọ́ ọdún 1904, ló dá a lóhùn. Àwọn mẹ́ta ni àwọn náà, wọ́n ń pín èrè dọ́gba, owó ìpìlẹ̀ wọn kò sì dọ́gba. Akáǹtì ẹnì kẹta, tó ń jẹ́ Wilkins, wọ gbèsè, kò sì lè san. Ilé ẹjọ́ sọ pé kò pọn dandan kí alájọṣe tó lówó mú owó wá dí ìpín ẹni tí kò lè san. Ìpín tirẹ̀ nínú àdánù ọjà nìkan ló jẹ. Owó tó bá wá wà nílẹ̀, bí owó ìpìlẹ̀ tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ṣe tó ni kí wọ́n fi pín in. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé gbèsè ẹni tó gbẹ ń bọ́ sórí àwọn tó kù bí owó ìpìlẹ̀ wọn ṣe tó.

Ẹ gbé e sórí àpẹẹrẹ wa. Owó ìpìlẹ̀ B àti D dọ́gba nínú ìwé tó gbẹ̀yìn kí wọ́n tó túká, 90,000 àti 90,000. Nítorí náà wọ́n pín 30,000 ti K sí méjì, 15,000 kọ̀ọ̀kan. B gba 35,000, D gba 55,000. Láàárín ìlànà méjèèjì, 5,000 ló ṣí kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì. Ẹ ṣọ́ra: owó ìpìlẹ̀ tó wà ṣáájú títà dúkìá ni a ń lò, kì í ṣe 50,000 àti 70,000 tó kù lẹ́yìn àdánù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe àṣìṣe yìí, mo sì ti rí i lọ́wọ́ akáǹtáǹtì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́.

Tí ẹ bá bi mí, èyí tó bá ìgbésí ayé òwò mu jù lójú tèmi ni ti àkọ́kọ́. Gbèsè ẹni tí kò lè san jẹ́ àdánù bí àdánù yòókù, kò sí ìdí tí ẹni tó mú owó púpọ̀ wá yóò fi ru púpọ̀ nínú rẹ̀ torí pé ó mú owó púpọ̀ wá. Àmọ́ èrò tèmi kọ́ ni yóò parí ìjà. Ìwé àdéhùn ni, nítorí ìlànà méjèèjì ń yẹ̀ fún ohun tí àwọn alájọṣe bá ti kọ sílẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni: “Bí alájọṣe kan kò bá lè dí gbèsè akáǹtì rẹ̀ nígbà ìtúká, àwọn yòókù yóò ru ú bí wọ́n ṣe ń pín àdánù láàárín ara wọn.” Tàbí kí wọ́n kọ òdìkejì rẹ̀. Ìwé àdéhùn tí kò sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì ló ń gbé àwọn èèyàn dé kóòtù.

Ó ku K. Pé B àti D ru gbèsè rẹ̀ kò sọ ọ́ di ẹni tí kò jẹ gbèsè mọ́. Ohun tó yí padà ni ẹni tó jẹ. Nínú ìwé òwò, akáǹtì rẹ̀ ti di òdo, òwò sì ti parí. Àmọ́ ó jẹ B ní 20,000, ó jẹ D ní 10,000. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ti ìwé náà pa, kí K buwọ́ lù ú bó bá gbà, torí gbèsè tí kò sí nínú ìwé kankan ṣòro láti béèrè lẹ́yìn ọdún méjì. Bí ilé ẹjọ́ bá ti kéde pé K kò lè san gbèsè rẹ̀, kí B àti D tètè kọ orúkọ wọn mọ́ ti àwọn tó jẹ lówó, kí ọjọ́ má baà kọjá.

Bí K bá rí 12,000 lẹ́yìn náà, bí wọ́n ṣe ru ú ni wọn yóò ṣe gbà á: 8,000 fún B, 4,000 fún D. Lábẹ́ ìlànà kejì, 6,000 àti 6,000. Bí D nìkan bá rí K mú, tó sì gba gbogbo 12,000 náà, 8,000 inú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀, ó gbọ́dọ̀ fún B. Nínú àpẹẹrẹ burúkú, níbi tí D ti ru tirẹ̀ àti ti B, ọ̀tọ̀ ni ti ibẹ̀. Gbèsè 20,000 tí B fi sílẹ̀ fún D ni owó tó bá kan B yóò kọ́kọ́ lọ dí, ìyẹn ni pé gbogbo 12,000 náà yóò dúró sọ́wọ́ D, gbèsè B sí D yóò sì di 12,000.